Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ aṣojú kíláàsì lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde nọ́ọ̀sì: bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń sọ ọ́

Ní Iléṣà níbí, bí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bá ń ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, oríṣi èèyàn méjì ló máa ń kún inú gbọ̀ngàn. Àwọn olùkọ́, àwọn mátírọ́ọ̀nù àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwòsàn ló ń jókòó síwájú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá tó wọ aṣọ ẹbí, àwọn bàbá tó ti ìdájí wọ ọkọ̀, àti àwọn àbúrò tí kò yé béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa pe ẹ̀gbọ́n àwọn. Aṣojú kíláàsì ni yóò dúró láàárín àwọn méjèèjì, tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn aṣojú kíláàsì ti ń mú ìwé ọ̀rọ̀ wọn wá sílé fún mi kí n bá wọn wò ó. Àṣìṣe kan náà ni mo ń bá nínú èyí tó pọ̀ jù: orúkọ pọ̀ níbẹ̀, oyè pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn mọ́kàndínlógún láìsọ ohun tí ẹnì kan nínú wọn ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá kì í dúpẹ́ báyẹn. Ẹni tó náwó, a ó kí i pé ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó bá wa ṣọ́ aláìsàn mọ́jú, ẹ kú àìsùn la ó kí i. Ẹni tí kò fi wá sílẹ̀ nígbà tí nǹkan le, ẹ kú àdúrótì. Iṣẹ́ tí èèyàn ṣe ló máa ń wà nínú ìkíni wa. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ béèrè iye ìṣẹ́jú

Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ayẹyẹ náà, kí o béèrè nǹkan méjì. Èkíní ni iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ọ. Èkejì ni ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ gbogbogbò ní ìparí ètò. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni láti dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, àwọn àlejò pàtàkì, àwọn onílù, àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó se oúnjẹ. Bí o bá gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ìṣẹ́jú rẹ yóò tán kí o tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Bí mo bá ń kàwé sókè láìsáré, tí mo ń fún pátẹ́wọ́ láyè, ọ̀rọ̀ bí 450 sí 500 ló máa ń wọ inú ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyẹn kò ju ojú ewé kan àtàbọ̀ lọ bí a bá fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́. Má kọ ojú ewé mẹ́rin pẹ̀lú èrò pé o máa yára kà á.

Gba iṣẹ́ jọ, má gba orúkọ jọ

Èyí ni ibi tí iṣẹ́ wà jù, mo sì fẹ́ kí o fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Gé ìwé pélébé, kí o fún gbogbo ọmọ kíláàsì ní ẹyọ méjì. Lórí èkíní, kí wọ́n kọ ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kan ṣe tí wọn kò lè gbàgbé. Lórí èkejì, kí wọ́n kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kan nílé ṣe kí wọ́n lè parí ẹ̀kọ́ náà. Kí wọ́n má kọ orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọn kò ní dá òun mọ̀ ló máa ń kọ òtítọ́.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ọdún tó ṣojú kíláàsì tirẹ̀. Àwọn méjìlélógójì ni wọ́n. Ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá, mo fi aago wọ̀n ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Florence Nightingale àti àtùpà rẹ̀, ó to orúkọ olùkọ́ mẹ́rìnlá tẹ̀lé e, ó wá ku gbólóhùn kan ṣoṣo fún àwọn òbí: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí wa fún ìfẹ́ àti àtìlẹ́yìn wọn." Mo ní kó lọ pín ìwé pélébé. Nígbà tó padà dé, a da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n.

Èèyàn mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ nípa olùkọ́ kan náà, ẹni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń ka mímí aláìsàn. Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n: bí aláìsàn bá mọ̀ pé o ń ka mímí òun, yóò yí i padà láìmọ̀. Nítorí náà, o máa fi ìka rẹ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń ka lílù ọkàn, ojú rẹ á sì wà ní àyà rẹ̀, tí o ó máa kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Olùkọ́ náà kì í gbà kí wọ́n ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó máa ń dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n kà á sí ìnira nígbà náà. Ní ọdún kẹta, nígbà tí wọ́n wà ní iṣẹ́ alẹ́, ó yé wọn.

Nínú ìwé tilé, ohun tó ń padà wá ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ ni ìpè orí fóònù. Ìyá kan máa ń pe ọmọ rẹ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìdánwò, kó má baà sùn kọjá àkókò. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà láti abúlé wá sílé-ẹ̀kọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ kò sí. Ẹ̀gbọ́n kan fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Màámi kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí n ka ìwé mi sókè lórí fóònù kí òun lè mọ̀ pé mo ń kàwé." Nígbà tí a ka ìyẹn, àwa méjèèjì dákẹ́.

Fi asẹ́ kan sẹ́ ohun tí o bá kó jọ. Bí gbólóhùn kan bá ṣeé gbé lọ síbi ìgbòmìnira àwọn aránṣọ tàbí ti àwọn onídìrí láìyí ohunkóhun padà, yọ ọ́ dànù. "Ẹ fi ìmọ̀ bọ́ wa" ṣeé gbé lọ. "Ẹ dúró lẹ́yìn wa fún ìṣẹ́jú kan gbáko" kò ṣeé gbé lọ.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà

Má sọ ìtàn aláìsàn tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀, kódà bí o kò bá dárúkọ rẹ̀. Iléṣà kò tóbi tó bí o ṣe rò. Bí o bá sọ pé obìnrin kan bí ìbẹta ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ní oṣù Kejìlá, àbúrò rẹ̀ lè wà nínú gbọ̀ngàn. O ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ẹ̀jẹ́ náà kò gba ìsinmi lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí o bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, èyí tí mo fẹ́ràn púpọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn pọ̀ fún apá tí wọ́n nà fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Má pe ẹgbẹ́ rẹ ní nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ bí wọn kò bá tíì gbà á. Àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà. Olùkọ́ tó bá gbọ́ àṣìṣe yẹn lẹ́nu aṣojú kíláàsì kò ní fi ọkàn gbọ́ ìyókù.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìṣòro òbí. Ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ lè má fẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ gbọ́. Béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, kí òun náà béèrè nílé. Bí kò bá sí àyè láti béèrè, sọ ọ́ lọ́nà tí kò ní tọ́ka sí ẹnì kan.

Ìkíni àwọn àgbà

Ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ pé lórí èyí. Tẹ̀lé bí orúkọ ṣe tò nínú ìwé ètò, má dá ìtò tìrẹ sílẹ̀. Bí Ọwá Obòkun bá wà níbẹ̀ fúnra wọn, tàbí Ọọ̀ni bó bá jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, o ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Kábíyèsí kó tó di pé o fọwọ́ kan ìwé rẹ. Bó bá jẹ́ aṣojú Kábíyèsí ló wá, kí i gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Lẹ́yìn ìyẹn, dárúkọ alága àti ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí o sì fi "ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa" kádìí rẹ̀. Mo ti wà ní ayẹyẹ kan tí aṣojú ti dárúkọ àwọn olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì fo ẹyọ kan. Obìnrin náà ló kọ́ wọn ní títẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò dúró jẹun. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo aṣojú pé kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà yóò mọ ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí a fò.

Apá ti àwọn olùkọ́

Tò ó gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ṣe tò: oṣù àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ìdánwò. Iṣẹ́ kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó. Má gbàgbé àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ wọn kì í sí nínú ìwé ètò, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń le.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, sọ apá yìí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bẹ ọ̀gá àgbà ṣáájú ọjọ́ náà kó jẹ́ kí o sọ apá ti àwọn ará ilé ní Yorùbá. N kò tíì rí ẹni tó kọ̀. Ìyá tó dìde ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí rẹ kò yẹ kó máa wo ẹnu àwọn ẹlòmíràn kó tó mọ ìgbà tí yóò pàtẹ́wọ́.

Apá ti àwọn ará ilé, àti káàdì ìwọ̀n ọmọ

Ọmọbìnrin tí mo ń sọ yìí kò fẹ́ fi Nightingale sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kò lè ṣàìní ìtàn. Mo sọ fún un pé ìtàn wà nítòsí. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wẹ́sílì níbí ní Iléṣà. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dá ilé-ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lo káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà dáadáa. Bó bá dúró sójú kan, ẹ tètè wá ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi káàdì náà sí, pé kó gbé e lọ sílé, kó sì gbé e padà wá. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Mo bi í léèrè pé, "Ta ló ń tọ́jú káàdì tìrẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé?" Ó ní màámi ni, inú àpótí aṣọ ni wọ́n ń fi sí. Bí ó ṣe rí àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ronú nípa àwọn tí òbí wọn ti kú pẹ̀lú. Bí o bá ń sọ "bàbá àti ìyá wa" títí dé òpin, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ yóò máa wo ilẹ̀. Gbólóhùn kan tó fún àwọn tó gba ipò òbí. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ kíláàsì yín kan ti di olóògbé, ibí ni kí o ti dárúkọ rẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Dárúkọ rẹ̀, kí o dákẹ́ díẹ̀, kí o sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bó ṣe padà rí

Ó sọ apá ti olùkọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbé e kalẹ̀ síbí ní Yorùbá. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí a dé, a kò mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ igun aṣọ ibùsùn. Ẹ tú u, ẹ ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe, ẹ tún tú u. Ẹ kọ́ wa láti ka mímí aláìsàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ sì dúró lẹ́yìn wa títí ìṣẹ́jú náà fi pé. Wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà ní oṣómàáló, nítorí pé ẹni tó tajà fúnni yóò lóṣòó síwájú ilé títí yóò fi gba owó rẹ̀. Báyẹn gan-an lẹ lóṣòó tì wá títí ẹ fi gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ wa. Ẹ kú àdúrótì.

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì inú wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin lẹ dì wá lọ́wọ́ mú nígbà tí a fẹ́ gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti ọsàn tí a fi ń dánra wò. Ẹ bi wá léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé: ta ni aláìsàn yìí, oògùn wo ni, ó ti pọ̀ tó? Nígbà tí oorun ń kùn wá, ẹ kò sùn. Ẹ kú àìsùn.

"Ẹ̀yin òbí wa, nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n fún yín ní káàdì kan pé kí ẹ máa gbé e wá. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Lóṣooṣù lẹ gbé wa sórí òṣùwọ̀n, tí ẹ ń wò bóyá ìlà náà gòkè. Láti ọdún mẹ́ta yìí, ẹ kò ṣíwọ́. Ẹ pè wá ní aago márùn-ún ká má baà sùn kọjá ìdánwò. Ẹ gbé wa lórí ọ̀kadà lálẹ́. Ẹni tí kò mọ ìwé kà nínú yín ní ká ka ìwé wa sókè, kí òun máa gbọ́. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú.

"Ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ di bàbá àti ìyá fún àwọn kan nínú wa, ẹ̀yin náà lẹ tọ́jú káàdì náà nígbà tí ọwọ́ tó ń mú un tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ẹ ṣeun.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká dìde, ká kọjú sí wọn. Ẹ wò wá. Ìlà náà gòkè."

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kúnlẹ̀.

Ìkúnlẹ̀, àti ohun tó lè bà á jẹ́

Ẹ fi ìkúnlẹ̀ náà dánra wò nínú gbọ̀ngàn gan-an, lórí àga gan-an. Yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì kì í fẹ̀ nísàlẹ̀, àga ayẹyẹ sì máa ń súnmọ́ra. Bí ẹ kò bá ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, ìdajì yín á kúnlẹ̀, ìdajì á sì wà lóròó. Àwọn ọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ náà dá a lábàá pé kí àwọn tẹríba, kí àwọn fi ọwọ́ kan ilẹ̀, nítorí kò sí àyè láti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Yan ẹnì kan ní ìlà iwájú tí ẹ ó máa wò láti mọ ìgbà tí ẹ ó dìde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó wà nílẹ̀ pẹ́ jù.

Ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún àgbàlagbà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ. Níbi tó bá ti béèrè pé "ta nìyẹn?" tàbí "kí lèyí?", ibẹ̀ ló yẹ kí o tún ṣe. Ìyá àgbà kan tí ọmọbìnrin náà kà á fún ní kó yọ gbólóhùn mẹ́ta kúrò. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù, ó sì tọ́ pé a yọ wọ́n.

Tẹ̀ ẹ́ sí ojú kan ìwé nìkan, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí àmì ohùn wà lórí Yorùbá rẹ̀, kí o má baà pe "ọkọ̀" ní "ọkọ" níwájú àwọn àna. Kọ nọ́ńbà sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, má pariwo. Dúró, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á padà. Bí onígángan bá fi ìlù ki ìyá ẹnì kan láàárín ọ̀rọ̀ rẹ, tí ìyá náà sì dìde jó, fi ìka rẹ sórí ìlà tí o kà dé, kí o jẹ́ kó jó tán. Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́ lọ́nà ọ̀fun, mí sínú lẹ́ẹ̀kan, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fún igbákejì rẹ ní ẹ̀dà kan, kó jókòó nítòsí, bóyá o kò ní lè parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà mú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ kò ráyè wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ àná, mà." Nọ́ọ̀sì àgbà gba ìwé náà, ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ti ọsàn, ó sì pe àwọn yòókù wá.